Àròpọ̀ ni àbí àjẹkù? Orúkọ fún ìdàpọ̀ àwọ̀ nínú iná àti nínú ọ̀dà

Atúmọ̀-èdè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ girama ni mò ń túmọ̀. "Àpòpọ̀ àwọ̀" ni mo lò fún iná, òun náà ni mo lò fún ọ̀dà, kò sì bọ́ sí i. Iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń di àwọ̀ ìyeyè, àmọ́ ọ̀dà pupa àti ọ̀dà aláwọ̀ ewé ń di àwọ̀ ẹrẹ̀. Kí ni kí n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan? Kí ló sì dé tí aṣọ pupa fi ń dúdú lábẹ́ iná aláwọ̀ ewé?

Olùkọ́ físíìsì: Aṣọ yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, orúkọ á tẹ̀ lé e. Aṣọ pupa kì í tan iná pupa. Àwọ̀ oríṣiríṣi ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Aró inú aṣọ náà ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì, ó wá ń dá èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn ju nǹkan bí nánómítà 600 lọ padà. Òun lojú wa ń rí ní pupa. Ẹ wá tan gílóòbù ẹ́lì-í-dì aláwọ̀ ewé. Ìtòsí 525 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kóra jọ sí, èyí tó dé 600 nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Aṣọ gbé gbogbo rẹ̀ mì, kò rí ohun tó máa dá padà. Gèlè funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń dá tiẹ̀ padà, ó di àwọ̀ ewé. Ojú fi aṣọ wé gèlè, ó ní aṣọ dúdú. Nítorí náà, mo dábàá "àròpọ̀ ìmọ́lẹ̀" fún ti iná àti "àjẹkù ìmọ́lẹ̀" fún ti ọ̀dà, torí ohun tí ọ̀dà bá jẹ kù la ń rí.

Ìyá Aláàdìrẹ: Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ki aṣọ tó ti pupa bọ inú aró aláwọ̀ ewé, ẹ̀gbẹ́ dúdú ló ń lọ. Ohun tí iná yín ń ṣe náà nìyẹn, ó ń kun aṣọ lórí ni. Kí ni ti orúkọ méjì?

Olùkọ́ físíìsì: Màmá, ti inú ìkòkò aró tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ ni: aró kan gbé apá kan mì, èkejì gbé èyí tó pọ̀ nínú ìyókù. Àmọ́ iná kì í kun nǹkan. Ká ní ó ń kùn ún ni, tá a bá tan iná pupa kún ti aláwọ̀ ewé, ńṣe ni aṣọ ì bá tún dúdú sí i. Ẹ dán an wò. Lójú ẹsẹ̀ laṣọ máa pọ́n, gèlè funfun á sì di àwọ̀ ìyeyè.

Télọ̀: Ẹ gbọ́ tèmi náà. Mo ra òwú lálẹ́, abẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù ló ti bá aṣọ oníbàárà mi mu. Ilẹ̀ mọ́, ó yàtọ̀ pátápátá. Ṣé iná aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń tàn níbẹ̀ ni?

Òǹtẹ̀wé: Rárá o, Télọ̀. Iná funfun ni, àmọ́ funfun ju funfun lọ. Aró méjì lè bára mu lábẹ́ ọ̀kan kí wọ́n má bára mu lábẹ́ òmíràn. Ẹ máa gbé òwú jáde síta lọ́sàn-án kẹ́ ẹ tó sanwó. Ní ti orúkọ, "àjẹkù" kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó ń dún bí ọbẹ̀ àná. Ìṣirò ti fún wa ní àròpọ̀ àti àyọkúrò, ẹ jẹ́ ká lò wọ́n. Ẹ̀rọ aláwọ̀ mẹ́rin tá a fi ń tẹ̀wé kò ní íńkì pupa rárá. Màgẹ́ńtà la ń tẹ̀, a ó sì tẹ yẹ́lò lé e. Màgẹ́ńtà yọ àwọ̀ ewé kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá bébà funfun, yẹ́lò yọ búlúù, pupa ló ṣẹ́ kù. Ẹ wá gbé bébà yẹn sábẹ́ iná aláwọ̀ ewé. Ohun kan ṣoṣo tí iná náà ní lọ́wọ́ ni màgẹ́ńtà ń yọ. Kí ló kù tí ojú máa rí?

Olùkọ́ físíìsì: Mo gbà, ó di àyọkúrò. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nínú ìwé yẹn. Bí wọ́n bá fi ọ̀rá aláwọ̀ ewé wé gílóòbù àtijọ́, pupa díẹ̀ máa ń jò kọjá, aṣọ kò ní dúdú tán, á kàn ṣú bíi búráùn. Kí wọ́n má sì lo ike pupa tó ń dán. Ibi tó ń kọ mànà lára rẹ̀ á hàn ní àwọ̀ ewé, torí òkè ike ló ti dá ìmọ́lẹ̀ yẹn padà kó tó kan ọ̀dà inú rẹ̀.

Atúmọ̀-èdè: Ẹ ṣeun o. "Àròpọ̀ ìmọ́lẹ̀" àti "àyọkúrò ìmọ́lẹ̀" ni màá kọ. Àwọ̀ ìyeyè ló ṣì ń dà mí láàmú, torí pupa rúsúrúsú là ń pè é nílùú wa. Bí mo bá kọ ọ́ pé pupa àti àwọ̀ ewé di pupa, ọmọ wo ló máa gbà?

Ìyá Aláàdìrẹ: Ẹ kọ ìyeyè síbẹ̀. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n rà á fún un lọ́jà. Àmọ́ ti pé iná kì í kun aṣọ yẹn, mi ò tíì gbà o.