Bàbá àgbà rántí ohun tí kò sí nínú fíìmù: báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Nínú ìtàn kúkúrú tí mò ń kọ, bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí kásẹ́ẹ̀tì fíìmù tí bàbá fẹ́ràn jù. Bàbá ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé obìnrin inú rẹ̀ bojú wẹ̀yìn kó tó lọ. Fíìmù parí, obìnrin náà ò bojú wẹ̀yìn.

Ojú ọmọ náà ni mo fi ń sọ ìtàn, n ò lè wọnú ọkàn bàbá. Tí bàbá bá ṣàlàyé, ó ń dún bí ìwàásù. Tó bá dákẹ́, òǹkàwé á rò pé téèpù ló já. Ní báyìí, mo kàn jẹ́ kó dá téèpù padà lẹ́ẹ̀mejì, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lórí bọ́tìnì. Ṣé ìyẹn tó?