Ẹ̀rọ ní owó kò lọ, síbẹ̀ owó mi ti dín: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ológe, Mókọ́lá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lánàá ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni mo lọ ra lésì ní Gbági fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Inú wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù mi ni mo ti sanwó, ₦38,500. Wọ́n ní kò lọ, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé wọ́n ti yọ owó. Ẹni tó ń tajà kò gbọ́ àlàyé kankan. Ó di aṣọ mú lójú gbogbo èrò bí ẹni pé mo fẹ́ lù ú ní jìbìtì, títí àbúrò mi fi gbé owó mìíràn wá láti Dùgbẹ̀. Mo ti pe ilé-iṣẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹrin, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí. Ṣé wọ́n ti jẹ owó mi gbé ni?

Bàbá Awakọ̀:
Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ra káàdì ìpè níjọ́sí, wọ́n ní kò lọ, owó sì dín. Kí n tó dé Sángo láti Ọ̀jọ́ọ̀, owó ti padà. Tiyín náà á padà.

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ìyá, ẹ wo àkọsílẹ̀ ìsanwó yín, ẹ ó rí `Session ID` tó ní nọ́ńbà 30. Òun ni báńkì ẹni tó ń tajà yóò fi wá owó náà.

Ìyá Ológe, Mókọ́lá:
Mo ti wò ó, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ṣe àṣìṣe kankan o, owó wà níbẹ̀ kí n tó kúrò nílé.

Ọmọ Ìṣirò:
Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yanjú ẹjọ́ owó bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, Ìyá: ṣé ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ni, àbí káàdì wọ́lẹ́ẹ̀tì yín ni ẹ kì bọ inú pí-ó-ẹ̀sì?

Ìyá Ológe, Mókọ́lá:
Káàdì ni. Ṣé owó kan náà kọ́ ni?

Ọmọ Ìṣirò:
Owó kan náà ni, ọ̀nà ni kò jọra, ìdí sì nìyẹn tí ẹ kò fi rí nọ́ńbà tí Akọ̀wé ń wí. Pí-ó-ẹ̀sì a máa ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń kọjá sọ́dọ̀ aláàárín, kí ó tó dé wọ́lẹ́ẹ̀tì yín. Wọ́lẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ yọ owó, lẹ́yìn náà ni yóò dáhùn pé ó ti gbà. Bí ìdáhùn yẹn bá pẹ́ lójú ọ̀nà, wọn kì í dúró dè é. Ẹ̀rọ á tẹ ìwé jáde pé kò lọ, nígbà tí owó ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Ó yẹ kí iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e pé kí wọ́n dá owó padà. Bí ìyẹn bá dé, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí òun náà bá sọnù, ó di ohun tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì yóò fi ìwé ìṣirò wọn wá.

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ṣùgbọ́n wákàtí 24 ni òfin wí.

Ọmọ Ìṣirò:
Kì í ṣe fún èyí. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti sọ ọ́ di wákàtí 72 fún ẹjọ́ pí-ó-ẹ̀sì. Ọjọ́ márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Ìyá, kí ni wọ́n kọ sára ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde?

Ìyá Ológe, Mókọ́lá:
`DECLINED` ni, 51 sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà `RRN` tó wà níbẹ̀ ni mo fi kọ ẹ̀sùn sí wọn.

Ọmọ Ìṣirò:
51 túmọ̀ sí pé owó kò tó. Wọn kì í yọ owó lórí èyí rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ki káàdì yẹn bọ ẹ̀rọ?

Ìyá Ológe, Mókọ́lá:
Ẹ̀ẹ̀mejì. ₦41,000 ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, 91 ni mo rí, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn sì rún ìwé náà mọ́wọ́, ó jù ú nù. Mi ò rò pé ó yẹ kí n sọ ọ́, torí pé kò lọ náà ni wọ́n wí nígbà méjèèjì.

Àǹtí Ẹlẹ́ja, Bódìjà:
Ẹ̀yin náà! Ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Owó lọ́wọ́ ni kí ẹ máa mú lọ sọ́jà.

Ọmọ Ìṣirò:
Ẹ má bá wọn jà, Àǹtí. Ìyá, ti àkọ́kọ́ ló mú owó yín: 91 ni wọ́n ń kọ nígbà tí èsì kò bá tètè dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni káàdì. ₦2,500 ló ṣẹ́kù, ìdí nìyẹn tí ìkejì fi ní owó kò tó. Bí ẹ bá fi ẹ̀sùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, wọn yóò wo `RRN` ìkejì, wọn yóò rí i pé a kò yọ kọ́bọ̀, wọn yóò sì ti ìwé yín pa. Ẹ kọ òmíràn lálẹ́ yìí, kí ẹ fi aago tó wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ ìyọwó gan-an sí i.

Ìyá Ológe, Mókọ́lá:
Háà! Aago 4:47 ni àtẹ̀jíṣẹ́ wí. 4:51 ló wà lórí ìwé ọwọ́ mi.

Ọmọ Ìṣirò:
Ẹ rí i báyìí. Ẹ̀rọ lè tún ìwé 4:47 tẹ̀ jáde bí ẹni tó ń tajà bá gbà. Ẹ ní kí ó wo àkáǹtì rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé bí owó bá ti wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ni yóò dá a padà fún yín, kì í ṣe wọ́lẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Ológe, Mókọ́lá:
Mo ti kọ ẹ̀sùn tuntun náà. Gbági di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àbúrò mi yóò sì tẹ̀ lé mi, torí pé mi ò mọ ojú tí obìnrin yẹn yóò fi wò mí.