Fóònù tí kò níhò íyápíìsì: ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, kí lojú yín ti rí?

Olórin Òwúrọ̀
Ẹ kú ilé o. Fóònù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò níhò íyápíìsì rárá, ihò tí a fi ń gba iná nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Sípíkà rẹ̀ dáa fún ìròyìn, ṣùgbọ́n tí mo bá fi orin sí i, n kì í gbúròó báàsì. Mo fẹ́ ra ẹ́dífóònù oní-Bulutúùtù, mo wá rí i pé kódẹ̀kì, ìyẹn ọ̀nà tí fóònù fi ń di ohùn bí ẹrù kó tó fi ránṣẹ́, pọ̀ lọ jàra: SBC, AAC, aptX, LDAC. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò wọ́n, ẹ sọ ìrírí yín. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ni mò ń béèrè, ohun tí etí yín gbọ́ ni.

Ìyá Ìbejì
Tèmi níhò o, sípíkà rẹ̀ ni wàhálà. Tí mo bá ti gbé e sókè tán, ohùn akọrin á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ṣé kódẹ̀kì ló fà á?

Ohùn Kejì
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí ó ń dùn mí. Ohùn kejì ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, orí ìpàdé ayélujára la sì ti ń ṣe ìdánrawò láàárín ọ̀sẹ̀. Olùdarí á ti fi orin ránṣẹ́ sílẹ̀, kálukú á máa gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò wá kọ ohùn tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é. Torí èyí ni mo ṣe ra ẹ́dífóònù tó ní LDAC.

Tí mo bá ń gbọ́ orin lásán, kò lábùkù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, agogo wà lápá òsì, mo tilẹ̀ ń gbọ́ bí akọrin ṣe ń mí sínú kó tó lanu. Kí n wọ ìpàdé báyìí, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Orin á fún pọ̀ sójú kan láàárín orí mi, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á pòórá, ohùn kejì tí mo fẹ́ tẹ̀ lé á rì sínú ohùn kìíní. Mo bá jáde nípàdé, ó tún padà bọ̀ sípò. Mo dán an wò lórí fóònù náà, mo yí LDAC sí AAC, mo yí i sí SBC, kò sí èyí tó yàtọ̀.

Ayò Orí Ẹ̀rọ
Ẹ̀dá mìíràn rèé tó jìyà kan náà! Bí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń ta géèmù tí a sì ń sọ̀rọ̀, orin inú géèmù á di ohùn tẹlifóònù. Mo gbé ẹ́dífóònù padà lọ fún ẹni tó tà á fún mi, ó fi orin dán an wò lójú mi, ó ní kò sóhun tó ṣe é.

Ọmọ Gángan
Kódẹ̀kì yín ló ń já wálẹ̀. Ẹ wọ Developer options, ẹ fi LDAC sí 990 tipátipá. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ fún fóònù pé kó yàn fúnra rẹ̀, èyí tó kéré jù ló máa mú.

Bàbá Wáyà
Ọmọ Gángan, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, a óò padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Ohùn Kejì kò kan LDAC. Kódà, Wíńdòòsì fúnra rẹ̀ kì í fi LDAC ránṣẹ́, nítorí náà kò fìgbà kankan gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà yẹn tó bá jẹ́ Wíńdòòsì ló ń lò.

Ọ̀nà méjì ni Bulutúùtù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò fi ń gbé ohùn. A2DP ni ti orin. Ọ̀tún àti òsì dá wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo kódẹ̀kì tí a ń jà lé lórí yìí ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àlọ nìkan ni, ohùn ẹ kì í gba ibẹ̀ padà bọ̀. Gbàrà tí àpù kan bá ní òun fẹ́ máìkì tó wà lára ẹ́dífóònù, ẹ̀rọ á ti ọ̀nà orin, á ṣí ọ̀nà ìpè, ìyẹn HFP. Àlọ àti àbọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tún àti òsì ti di ọ̀kan. Ó sì gba ohùn tóóró: mSBC tó dáa díẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun tó ga ju 8,000 Hz kọjá, CVSD àtijọ́ kì í jẹ́ kó kọjá 4,000. Òkè ibẹ̀ ni sàà-sàà ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò nílò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ara yín nípàdé tí orin sì kú.

Ṣe èyí kó o fi mọ̀. Fi orin sí kọ̀ǹpútà, má wọ ìpàdé, kàn ṣí àpù tó ń gba ohùn sílẹ̀ kó o sì yan máìkì ẹ́dífóònù. Tí orin bá fún pọ̀ lójú ẹsẹ̀, máìkì ni. Wá lọ sí Settings, System, Sound. Níbi Input, yan máìkì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ní àwọn Wíńdòòsì kan, orúkọ ẹ́dífóònù rẹ á jáde lẹ́ẹ̀mejì níbi Output, ọ̀kan á ní Stereo, èkejì á ní Hands-Free. Stereo ni kó o mú. Àpù ìpàdé náà ní ibi tó ti ń yan máìkì tirẹ̀, má gbàgbé ibẹ̀, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń dá gbogbo iṣẹ́ náà nù.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

Ohùn Kejì
Ẹ ṣé, Bàbá Wáyà. Mo ti dán an wò. Mo yí Input, kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo wá dé inú àpù ìpàdé, mo rí i pé máìkì ẹ́dífóònù ló ṣì wà níbẹ̀. Mo yí ìyẹn náà, ọ̀tún àti òsì bá là sọ́tọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ padà dé!

Ṣùgbọ́n olùdarí ní ohùn mi ti jìnnà, ó ní òun ń gbọ́ fáànù kọ̀ǹpútà mi ju ohùn mi lọ. Mo wá so máìkì onídìí-USB mọ́ ọn, mo gbé e sún mọ́ ẹnu. Ìyẹn dáa. Ti fóònù ló kù.

Ayò Orí Ẹ̀rọ
Ẹni tó tà á fún mi kò purọ́ nígbà náà. Orin lásán ló fi dán an wò, kò ṣí máìkì.

Okùn Ò Já
Ohun tí ihò yẹn ń ṣe fún wa nìyí tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ wo ẹnu íyápíìsì tó ní máìkì: ìlà dúdú mẹ́ta ló pín in sí irin mẹ́rin. Ọ̀kan ti òsì, ọ̀kan ti ọ̀tún, ọ̀kan ti máìkì, ìkẹrin jẹ́ ti gbogbo wọn. Máìkì ṣí o, máìkì tì o, orin ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ènìyàn ń ṣàròyé pé Bulutúùtù ń pẹ́ kó tó dé etí, ṣùgbọ́n èyí gan-an ló dùn mí jù. Láti ìgbà tí Áífóònù 7 ti yọ ihò ní 2016 ni kò ti sí ìsinmi mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ò Tán
Áífóònù kọ́ ló kọ́kọ́ yọ ọ́. Mótò Z ti jáde láìníhò ṣáájú rẹ̀ lọ́dún yẹn náà.

Okùn Ò Já
Ta ló tẹ̀ lé Mótò Z? Áífóònù ni gbogbo wọn wò tí wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ Ò Tán
Ìyẹn yàtọ̀ sí "kọ́kọ́".

Olórin Òwúrọ̀
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé n kò lè ra wáyà kékeré tó ń sọ ihò iná di ihò íyápíìsì?

Okùn Ò Já
O lè rà á, ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Mo ní ọ̀kan tó ń dún dáadáa lára fóònù mi àtijọ́, mo fi sára fóònù àbúrò mi, kẹ́kẹ́ pa. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Bàbá Wáyà
Oríṣi méjì ló wà, ojú ò sì lè dá wọn mọ̀. Ọ̀kan ní DAC nínú, ìyẹn ló ń sọ nọ́ńbà di ohùn. Èkejì kàn jẹ́ wáyà lásán, ó ń retí pé inú fóònù ni ohùn ti máa jáde wá, ọ̀pọ̀ fóònù kì í sì gbé ohùn gba ẹnu USB-C bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní DAC ni kí Olórin Òwúrọ̀ béèrè fún. Tó bá fẹ́ máa gba iná bó ṣe ń gbọ́ orin, kó mú èyí tó lẹ́nu méjì.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Kódẹ̀kì kò débi sípíkà inú fóònù. Ẹ bọ́ àpò ara fóònù náà ná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ nu ojú sípíkà, ẹ wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá há títí ó fi kù díẹ̀ kó dé òkè, agbára rẹ̀ ló tán síbẹ̀. Tó bá ń há ní ìsàlẹ̀ náà, sípíkà ti ya nìyẹn.

Ìyá Ìbejì
Òkè nìkan ni. Ẹ ṣé gan-an.

Ọmọ Gángan
Ẹ ní a óò padà sórí LDAC.

Bàbá Wáyà
Ipò mẹ́ta ló ní: 330, 660 àti 990 kbps. Òótọ́ ni pé tó o bá fi sílẹ̀ fún fóònù, ó lè já sí 330, pàápàá tí fóònù bá wà lápò ẹ̀yìn tí ara rẹ dí i, tàbí tí Wáífáì pọ̀ níbẹ̀. SBC tó dáa fúnra rẹ̀ ń gba 328. Nítorí náà, orúkọ LDAC lójú fóònù kò sọ ohun tó ń dé etí rẹ. Àmọ́ tó o bá fi 990 tipátipá tí ọ̀nà kò sì mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé. 660 ni mo fi sílẹ̀ ní tèmi.

Ọmọ Gángan
Mo jókòó sínú yàrá, fóònù wà níwájú mi, 990 kì í gé. Mo sì ń gbọ́ ìyàtọ̀ òun àti 660.

Ọ̀rọ̀ Ò Tán
Jẹ́ kí ẹlòmíì máa yí i fún ẹ láìsọ èyí tó jẹ́, kó o wá dárúkọ.

Ọmọ Gángan
Mo máa ṣe é. Mo mọ ohun tí mo gbọ́.

Adùn Ni Tèmi
Áífóònù ni mo ń lò. Mo wá LDAC títí, n kò rí i.

Bàbá Wáyà
Kò sí níbẹ̀. AAC àti SBC ni Áífóònù ń fi ránṣẹ́ sí ẹ́dífóònù báyẹn. Má fi owó kún owó torí LDAC, wo bí ẹ́dífóònù náà ṣe ń dún pẹ̀lú AAC.

Ohùn Kejì
Bàbá Wáyà, ti fóònù ńkọ́? Mo wá ibi tí mo ti lè yan máìkì nínú àpù ìpàdé, n kò rí i.

Bàbá Wáyà
Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kò sí i. Ibi tí ohùn máa gbà jáde nìkan ni wọ́n máa jẹ́ kó o yàn, tó o bá sì ti mú ẹ́dífóònù, máìkì rẹ̀ máa tẹ̀ lé e. Lo wáyà oní-DAC, tàbí kó o fi fóònù ṣe ìpàdé kó o wá fi ẹ̀rọ mìíràn gbọ́ orin. LE Audio, ọ̀nà Bulutúùtù tuntun tó ń lo kódẹ̀kì LC3, lè gbé àlọ àti àbọ̀ pọ̀ ní ohùn tó dáa ju ti HFP lọ, ṣùgbọ́n fóònù àti ẹ́dífóònù méjèèjì gbọ́dọ̀ ní in.

Ohùn Kejì
Ẹ́dífóònù tèmi ní Bulutúùtù 5.3. Ṣé ó ní in nìyẹn?

Bàbá Wáyà
5.3 nìkan kò fi hàn. Wá "LE Audio" gan-an nínú ìwé rẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, má retí rẹ̀.