Ojú ìgé àbí ìpààlà?

Atúmọ̀ Kékeré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mo ń túmọ̀ ìwé kan lórí àyẹ̀wò àrùn. Nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí èsì bá ti dé ibẹ̀, wọ́n á ní ẹni náà ní àrùn, ojú ìgé ni mo pè é. Ìlà títẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń yà, tó ń kọ ROC sí lórí, ìyẹn Receiver Operating Characteristic, mo pè é ní Ila Isesi Agba. Ṣé ó tọ̀nà?

Bàbá Olóhùn:
Àbúrò, níbo lo kó àmì ohùn sí? Ìlà ìṣesí àgbà ni mo kọ́kọ́ kà. Mo ní ta ló jókòó tó ń ya ìwà àwa arúgbó sórí ìwé? Bó bá jẹ́ agbà, èyí tó ń gba nǹkan, lo ní lọ́kàn, ohùn àárín ni fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ojú ìgé ńkọ́? Ojú ọgbẹ́ ni mo rí níbẹ̀. Ààlà ni Yorùbá ń pe ibi tí nǹkan méjì ti yà sọ́tọ̀. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bó bá rí ojú ìgé lórí ìwé mi, bírò pupa á gbẹ lórí ẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì:
Agbà yẹn, ṣé àwa tí a ń gba àyẹ̀wò ni? Torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ibì kan yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní mo ní àrùn. Mo gba ibòmíràn lọ lọ́sẹ̀ kan náà, nọ́ńbà kan náà ló jáde, wọ́n ní n kò ní nǹkan kan. Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ló yí padà ni?

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀:
Ìyá Ìbejì, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú agbà yìí palẹ̀, nítorí kì í ṣe ènìyàn rárá. Ẹ̀rọ tó ń gba àmì rédà ni, láti ayé Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó jókòó tì í ń wo nǹkan tó tàn lójú ẹ̀rọ: ṣé ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ni, àbí agbo ẹyẹ? Bó bá ń tètè figbe ta, ọ̀tá kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n yóò máa fi ẹyẹ jí àwọn ológun lóru. Bó bá mú sùúrù jù, ẹyẹ kò ní tàn án jẹ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá á kọjá. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí bí a ṣe ń lò ó ni ìlà yẹn ń fi hàn. Nítorí náà, ìṣesí dára. Agbà nìkan ni kò tíì sọ pé ẹ̀rọ ni òun.

Ìdí tí ojú ìgé fi ń yọ mí lẹ́nu yàtọ̀ sí ti Bàbá. Ó ń ṣe bí ẹni pé àrùn fúnra rẹ̀ ló gé síbẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ jẹ́ ká mú ènìyàn 200: 100 ní àrùn, 100 kò ní, ọ̀nà mìíràn tó dájú la sì fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ìfura ń pọ̀ sí i. Bí a bá fi ààlà sí 20, a mú 95 nínú àwọn olárùn, ṣùgbọ́n a purọ́ mọ́ 40 nínú àwọn tí ara wọn le. Bí a bá gbé e sí 30, a mú 85, a purọ́ mọ́ 15. Ní 40, a mú 60, a purọ́ mọ́ 4 péré.

Fi àwọn tí a purọ́ mọ́ sí ìbú, fi àwọn tí a mú sí òró. Ààlà kọ̀ọ̀kan di ẹyọ àmì kan, ìlà tó so gbogbo wọn pọ̀ ni ROC. Ìlà náà kò bá ẹnikẹ́ni yan ọ̀kan níbẹ̀. Nígbà mìíràn gan-an, wọn kì í kọ 20 tàbí 30 yẹn sí i, ẹ ó kàn rí ìlà lásán.

Ọmọ Ìṣirò:
Kí lẹ tún ń jà sí? Youden, onímọ̀ ìṣirò kan, ti parí ẹ̀ láti 1950. Ẹ yọ àwọn tí a purọ́ mọ́ kúrò nínú àwọn tí a mú: 55, 70, 56. 70 ló pọ̀ jù, ó ti bọ́ sí 30. Ìṣirò ló gé e, ènìyàn kọ́, nítorí náà ojú ìgé tọ̀nà. Tí a bá sì ti gbé e sójú tó yẹ báyìí, àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ á dára sí i, àyè abẹ́ ìlà á fẹ̀.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀:
Ìyọkúrò rẹ péye. Ṣùgbọ́n àyè abẹ́ ìlà kò ní fẹ̀, kò sì ní sún kì. Mú olárùn kan àti aláìlárùn kan láìṣà wọ́n: bó ti ṣeé ṣe tó kí nọ́ńbà olárùn ga ju ti èkejì lọ ni àyè yẹn ń wọ̀n. Bí o bá sún ààlà, orí ìlà kan náà lò ń rìn. Àyẹ̀wò tó dára sí i, ìlà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Ti Youden ńkọ́? Ó gbà pé kí olárùn kan nínú ọgọ́rùn-ún bọ́, àti kí a purọ́ mọ́ ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún aláìlárùn, ọgbọọgba ni wọ́n. Jẹ́ ká gbé e jáde síta. Ká ní ènìyàn 10,000 ló wá, tí 100 nínú wọn ní àrùn. Ní 30, a ó mú 85, ṣùgbọ́n ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn 9,900 yòókù jẹ́ 1,485. Ènìyàn 1,570 la ó sọ fún pé wọ́n ní àrùn, tí wọn ò sì tó mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in lóòótọ́. Ní 40, a ó mú 60, a ó sì purọ́ mọ́ 396, ìyẹn bí 13 òtítọ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ló kàn lẹ́yìn èsì, 40 ni èmi ó mú. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò kejì tí kò nira ló kàn, tí àrùn náà sì ń yára pani, màá sọ̀kalẹ̀ sí 20. Ibo ni Youden ti bi ẹnikẹ́ni ní èyí?

Nǹkan mìíràn tún wà tó ti kó àwa fúnra wa sí wàhálà rí. A yan ààlà lára ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, a sì fi ẹ̀jẹ̀ àwọn kan náà yẹ̀ ẹ́ wò. Inú wa dùn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn dé, èsì kò dára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ààlà tí a yàn ti mọ ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ sórí ni.

Ìyá Ìbejì, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ yín má yí padà rárá, kó jẹ́ pé ààlà àwọn méjèèjì ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ wọn kì í bá ṣe ọ̀kan náà, nọ́ńbà kan náà lè má jẹ́ ohun kan náà. Ẹ béèrè ibi tí oníkálukú fi ààlà sí, kí ẹ sì béèrè irú àwọn ènìyàn tí wọ́n fi yàn án.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ ìpààlà. Ẹnì kan ló pa á.

Bàbá Olóhùn:
Ìwọ náà ti ṣì í. Ì- tó wà níwájú pààlà ń sọ iṣẹ́ tí a ṣe, kò sọ ibi tí a ṣe é. Ojú ìpààlà ni.

Ọmọ Ìṣirò:
Bó bá jẹ́ pé ẹni tó bá wù ló lè pa á síbi tó wù ú, kí la wá ń ṣírò sí? Mi ò gbà.

Ìyá Ìbejì:
Mo béèrè. Ọ̀kan ní ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló sọ ibi tí ààlà wà. Èkejì kò mọ̀.

Atúmọ̀ Kékeré:
Mo ti yí i padà sí ojú ìpàlà. Ìlà Ìṣesí Ẹ̀rọ Agbàmì ni mo wá kọ fún ROC, àfi bí ẹlòmíràn bá ní èyí tó kúrú.

Bàbá Olóhùn:
Ìpàlà? Àlà, aṣọ funfun? Fáwẹ̀lì kan ti sá lọ, lọ wá a wá. Agbàmì yẹn, a ṣì máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.