Awọ dídẹ̀ ni, àbí awọ àṣẹ́kù?

Ìbéèrè, láti Adó-Èkìtì

«Ẹ̀yin ará, mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn tó ti dín ọ̀rá ara kù lọ́pọ̀lọpọ̀, tí awọ ikùn àti apá wọn wá rọ̀ sílẹ̀. Mo kọ "awọ hunjọ", ọ̀gá mi ní ti arúgbó nìyẹn. Kí ni ká máa pè é? Ẹ tún bá mi wò ó bóyá òótọ́ ni gbólóhùn inú rẹ̀ pé ẹni tó bá rọra rù, awọ rẹ̀ kì í rọ̀.»

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọ̀gá rẹ gbà á. Ojú àgbàlagbà ló ń hunjọ, bí ata tó gbẹ. Ìyẹn ń fún jọ ni, èyí ń rọ̀ ni. "Awọ àṣẹ́kù" ni tèmi. Aṣọ tí wọ́n rán fún ẹni ńlá ni ẹni kékeré wọ̀, èyí tó ṣẹ́ kù ló ń wọ́lẹ̀ yẹn. Òótọ́ sì ni gbólóhùn náà. Bí a bá rọra ṣe é, awọ á máa tẹ̀ lé ara bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá yára, ara á fi awọ sílẹ̀ sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì kan, Ìdó-Èkìtì

Bàbá, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ àṣẹ́kù. Ohun tó ṣẹ́ kù, a lè jẹ ẹ́ tán, a sì lè dà á nù. Bí mo bá sọ ọ́ fún aláìsàn, ohun tó máa bi mí ni pé eré ìdárayá wo ló máa jó o tán. Ọ̀rá ló ń jó, awọ kì í jó. "Awọ dídẹ̀" ló tẹ́ mi lọ́rùn. Bí okùn bá dẹ̀, kò já. Fífà tó ń fà ló lọ.

Nínú awọ, lábẹ́ ibi tí ojú ń rí, fọ́nrán oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Kọ́lájìn ló ń jẹ́ kó yi, ẹlásítìn ló ń fà á padà. Ẹ wo rọ́bà ìdí ṣòkòtò. Bí ẹ bá fà á tí ẹ fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á padà. Bí ẹ bá fà á mọ́ ìṣó fún ọdún 10, kò ní padà mọ́, ẹ̀ báà yọ ọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ báà rọra yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fọwọ́ sí gbólóhùn yẹn. Iye ọdún tí ọ̀rá fi wà níbẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó, ọjọ́ orí, sìgá, oòrùn àti bí wọ́n ṣe bí èèyàn, àwọn ló ń pinnu jù. Ẹni ọdún 20 tó dín kílò 15 kù lè má rí nǹkan kan. Ẹni ọdún 50 tó dín 50 kù máa rí i, bó yára o, bó rọra o.

Ìyára ní ibi tó ti ń ṣèpalára, àmọ́ kì í ṣe inú awọ. Ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀, tí kílò 2 tàbí 3 ń lọ lára rẹ̀ lọ́sẹ̀, ọ̀rá nìkan kọ́ ló ń lọ, ẹran ara ń bá a lọ. Nígbà tí ẹran abẹ́ awọ náà bá ti lọ, awọ ò rí ohun tó máa lẹ̀ mọ́, á wá dà bí ẹni pé ó dẹ̀ ju bó ṣe dẹ̀ lọ. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ là ń sọ fún wọn, nítorí ẹran ara ni. Ẹ sì yọ "rù" kúrò níbẹ̀. Bí Yorùbá bá ní ẹnì kan rù, eegun rẹ̀ tó ń yọ ni wọ́n ń wí. "Dín ọ̀rá kù" lohun tí a fẹ́. "Rù" lohun tí a ò fẹ́.

Aránṣọ kan, Ìjerò-Èkìtì

Ara mi ni ẹ ń sọ yìí. Kílò 131 ni mí, mo bọ́ sí 79 láàárín oṣù 10. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dín tirẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀, ọdún méjì ààbọ̀ ló fi ṣe é. Ẹ wá wo ikùn àwa méjèèjì, ẹ ò ní mọ ẹni tó yára.

Oṣù 8 ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: mo máa ń lóṣòó kí n dìde, mo máa ń gbé e sókè orí, mo máa ń fà á mọ́ àyà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá títí á fi nira. Bó bá ti rọrùn ni mo máa ń bu omi kún un. Téèpù ìwọnṣọ ló sọ òótọ́ fún mi. Lẹ́yìn ọdún kan, apá mi fi ààbọ̀ íńṣì tóbi sí i, ara buláòsì tó ń fì tẹ́lẹ̀ wá kún. Itan àti ìdí náà kún. Ikùn ò yí padà rárá. Bí mo bá fi ìka méjì fún un, pélébé ni, ó rọ̀ bí aṣọ àlòkù. Nígbà tí ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ohun tí mo ń fún mú nípọn bí àkàrà.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó-Èkìtì

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tó ń pè é ní awọ, ọ̀rá ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ìdí tí ikùn yín ò fi kún ni pé ẹran ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò lè wú débi tó máa dí àyè gbogbo ọ̀rá tó ti lọ. Apá àti itan ní ẹran tó ń wú. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan ní Japan sọ pé àwọn obìnrin alágbàágbà tó gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 16, awọ wọn nípọn sí i. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹni tí ọ̀rá rẹpẹtẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára wọn, ẹ má fi ìyẹn ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìfàkì-Èkìtì

Ilà ikùn la máa ń pè é nílé wa. Ìyàwó mi ní in lẹ́yìn ìbí, òrí ló ń fi pa á.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó-Èkìtì

Àbúrò, ilà yàtọ̀. Ojú àpá ibi tí inú awọ ti ya ni ilà. Ó lè wà lára ẹni tí awọ rẹ̀ ò dẹ̀ rárá. Òrí ń mú òkè awọ jọ̀lọ̀, kì í dé ibi tí fọ́nrán wà. Èyí tó rọ̀ gan-an, iṣẹ́ abẹ ló ń gé e, ó sì yẹ kí ìwọ̀n ara ti dúró lójú kan fún oṣù 6, ó kéré tán. Títí di ìgbà náà, ẹ máa nu abẹ́ ìṣẹ́po ikùn gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tó ń yún, tó sì ń rùn, ẹ lọ fi han dókítà.

Olùkọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Mo gba ti ìyára. Ti orúkọ ni n kò tíì gbà. Ṣé awọ kò dàgbà tẹ̀ lé ọ̀rá ni? Bó bá dàgbà, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, àṣẹ́kù sì lohun tó pọ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó-Èkìtì

Ó dàgbà lóòótọ́, Bàbá. Ibẹ̀ ni ẹ ti mú mi. Èyí tí wọ́n fẹ́ gé lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, mo lè pe ìyẹn ní àṣẹ́kù.

Ẹni tó béèrè, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun gan-an. "Awọ dídẹ̀" ni mo kọ, àyàfi ní ojú ewé iṣẹ́ abẹ. Gbólóhùn tuntun nìyí: "Rírọra dín ọ̀rá kù kì í ní kí awọ má dẹ̀, ẹran ara ló ń dáàbò bò." Mo ti kọ "gbígbé irin" tẹ́lẹ̀, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì tí ẹ dárúkọ kì í ṣe irin, ni mo bá yí i sí "ìdárayá ẹrù". Ó ku ọ̀kan. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n fi "iṣan" dípò "ẹran ara", bẹ́ẹ̀ iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ni màmá mi gbọ́ nígbà tí mo kà á fún wọn.