Nọ́ńbà ilé di jágajàga nínú àwòrán tí kọ̀ńpútà yà: ẹ sọ ti yín

Akin Ayàwòrán-ilé: Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ tèmi ni kí n ya bí ilé yóò ṣe rí han oníbàárà kí wọ́n tó mọ ọ́n. Stable Diffusion XL ni mò ń lò. Oníbàárà kan n'Íbàdàn ní kí n fi 14 sára òpó géètì, kí n kọ ILÉ ÌBÙKÚN sókè ilẹ̀kùn. Bákónì dáa, géètì dáa. Ṣùgbọ́n 1 gun orí 4, òkè ilẹ̀kùn sì ń ka IIEE BUKNUN. Bí mo ṣe ń ní kó tún un yà, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ìranù mìíràn. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Dámọ́lá: Kò gbọ́ Yorùbá ni. Èmi ní kó kọ HOTEL sára ilé kan, kedere ló jáde.

Fúnmi: Dámọ́lá, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé Yorùbá ni 14? Akin, báwo ni pátákó nọ́ńbà yẹn ṣe fẹ̀ tó nínú àwòrán?

Akin Ayàwòrán-ilé: Mo wọ̀n ọ́n, ó tó píksẹ́lì 40. Odindi àwòrán jẹ́ 1024.

Fúnmi: Ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣiṣẹ́ lórí àwòrán tí ẹ ń wò. Ẹ̀dà kékeré kan ló ń yà, èyí tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ló máa tú u sílẹ̀ di ńlá. Píksẹ́lì 40 yín di ojú 5 péré níbẹ̀. Ojú 5 ló fẹ́ fi ya nọ́ńbà méjì, àlàfo àárín wọn àti etí pátákó. Bíríkì tó wọ́ díẹ̀ ṣì ni bíríkì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n 4 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ kì í ṣe 4 mọ́.

Ti orúkọ ilé ni Dámọ́lá fi rí ibì kan sọ. Apá tó ń ka ohun tí ẹ tẹ̀ kì í rí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́wẹ́ ọ̀rọ̀ ló ń rí. HOTEL ti pọ̀ lójú ẹ̀ nínú àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ. Níbo ló ti máa rí ÌBÙKÚN?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ara ilé tèmi náà ti ń bó, òjò ti fọ̀ ọ́. Ọ̀dà wo ló máa ń pẹ́?

Dámọ́lá: Ìyá wa, ti inú kọ̀ńpútà là ń sọ o. Ẹ pe àwọn tó ń kọ pátákó, kí wọ́n ha èyí tó ń bó kúrò kí wọ́n tó kun òmíràn.

Akin Ayàwòrán-ilé: Àǹtí Fúnmi, kí wá ni ṣíṣe?

Fúnmi: Èmi kì í jẹ́ kó kọ lẹ́tà mọ́. Pátákó òfìfo ni mo máa ń ní kó yà. Nínú GIMP, ẹ ṣe léyà tí ìbú àti gíga rẹ̀ bá ti pátákó mu bí ẹni pé ẹ dúró níwájú ẹ̀ gan-an, kí ẹ kọ 14 sáàárín ẹ̀. Ẹ mú Perspective, kí ẹ fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léyà náà lé igun pátákó. Tó bá jẹ́ ọ̀dà dúdú lára ògiri, ẹ yí léyà sí Multiply kí ara ògiri lè hàn lábẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ irin tó yọ síta, ẹ ṣe ẹ̀dà dúdú sábẹ́ ẹ̀, kí ẹ sún un síbi tí òjìji bákónì kọjú sí.

Níparí, ẹ wò ó ní 100%. Bí etí lẹ́tà bá mú ju irin géètì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, ojú yóò mọ̀ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ẹ fi Gaussian Blur díẹ̀ rọ̀ ọ́, kódà 0.5 lè tó.

Ṣadé: Wàhálà yìí pọ̀ jù. FLUX ni mo gbé ILÉ AYỌ̀ fún, mo fi àmì àyọlò sí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló kọ ọ́.

Fúnmi: Ṣé àmì ìsàlẹ̀ Ọ wà níbẹ̀?

Ṣadé: Hmm. ILE AYO ló kọ. Lẹ́tà ẹ̀ mọ́ ṣá.

Akin Ayàwòrán-ilé: Oníbàárà tèmi á bínú, tíṣà Yorùbá ni. Mo ti ṣe ti GIMP, Noto Sans ni mo lò, àmì ohùn jókòó dáadáa. Ṣé kí n tún dá a padà sínú ẹ̀rọ kí ìmọ́lẹ̀ ara ẹ̀ lè bá ògiri mu?

Fúnmi: Rárá o! Yóò tún fún un pọ̀ ni, nọ́ńbà kékeré yẹn á tún bàjẹ́. Lẹ́tà ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn.

Ṣadé: Èmi máa ń dá tèmi padà. Ẹ yan Only masked nínú Inpaint, ibi pátákó nìkan ni yóò gé, á fẹ̀ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ojú 5 kọ́ ló máa lò nígbà yẹn. Ẹ fi Denoising strength sí 0.2.

Fúnmi: Fún 14, ó lè yè é. Àmì orí Ù ńkọ́?

Akin Ayàwòrán-ilé: Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀dà kan dán an wò. Màá gbé méjèèjì síbí lálẹ́.