"Ajogún" lórí ìlà méjì

Atúmọ̀ èdè tó béèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń tú ìwé ìtọ́ni kan fún àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń yẹ ìwé wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti àkáùńtì oníbàárà tó ti kú pa. Ìwé tí kọ́ọ̀tù ń fún ẹni tí yóò bójú tó dúkìá olóògbé tí kò ṣe ìhágún, "ìwé àṣẹ ajogún" ni mo pè é. Àwọn tí owó náà tọ́ sí, "ajogún" ni mo pe àwọn náà. Olóòtú mi fi bírò pupa fa ìlà sí méjèèjì. Kí ló burú níbẹ̀?

Òṣìṣẹ́ báǹkì, ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé olóògbé wò

Àbúrò, olóòtú rẹ ríran. Ẹni tí kọ́ọ̀tù kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yẹn kì í ṣe ẹni tó ni owó. Ó lè wà lára àwọn tó ni ín, ó sì lè má ní nǹkan kan níbẹ̀. Iṣẹ́ tí kọ́ọ̀tù gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó kó dúkìá jọ, kó san gbèsè, kó wá pín ohun tó bá ṣẹ́kù fún àwọn tí òfin sọ.

Mo fẹ́ fi ọ̀ràn kan hàn ọ́, mo ti yí iye owó inú rẹ̀ padà. Ọkùnrin kan kú láì ṣe ìhágún. Orúkọ ènìyàn méjì ni kọ́ọ̀tù kọ sínú ìwé àṣẹ: ìyàwó olóògbé àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn tí owó tọ́ sí ni ìyàwó yìí, àwọn ọmọ méjì tó ti dàgbà, àti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 11. Àbúrò olóògbé nìkan ló wá sí báǹkì. Fọ́ọ̀mù tó gbà, ẹnìkan ti tú u bí o ṣe tú tìrẹ gan-an. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ajogún, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà àkáùńtì tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Akọ̀wé tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ wo orúkọ inú ìwé kọ́ọ̀tù, ó wo ti fọ́ọ̀mù, ó rí i pé wọ́n bá ara mu, ó bá fi àmì sí i pé ó pé. Mi ò rò pé ọkùnrin náà pète jìbìtì. Ohun tí fọ́ọ̀mù bi í ló dáhùn.

Nígbà tó dé orí tábìlì mi, ìbuwọ́lù ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni méjì ni kọ́ọ̀tù fún láṣẹ, ìbuwọ́lù ẹnìkan ló wà níbẹ̀. A kì í sanwó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo ibi tí owó ń lọ. Orúkọ dúkìá olóògbé ló yẹ kó wà lórí àkáùńtì tó máa gbà á, kí àwọn méjèèjì sì jọ máa buwọ́ lùwé níbẹ̀. Bí owó bá ti bọ́ sínú àpò ẹnìkan, ọmọ ọdún 11 yẹn kò ní ẹnu tí yóò fi béèrè tirẹ̀.

Ìwé kọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ dà ni wọ́n mú wá. Òǹtẹ̀ tó yẹ kó ga sókè lábẹ́ ìka tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bébà. A béèrè fún ẹ̀dà tí kọ́ọ̀tù fọwọ́ sí pé òun ló ti jáde, a sì kọ̀wé sí akọ̀wé kọ́ọ̀tù kó wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé wọn. Adírẹ́sì tí àwa fúnra wa mọ̀ la fi ránṣẹ́ o. A kì í lo èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé tí à ń yẹ̀ wò.

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìntì

Ẹ wulẹ̀ ń dá ara yín láàmú ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá wà nílẹ̀ tipẹ́: *apíngún*. Ajogún ló ń jẹ, apíngún ló ń pín. Ìwé náà, ẹ pè é ní "ìwé àṣẹ apíngún", ó parí. Ì báà ṣe pé olóògbé ṣe ìhágún, ì báà ṣe pé kò ṣe é, ìwé kan náà ni kọ́ọ̀tù ń fún apíngún, ọ̀rọ̀ kan náà sì tó fún un.

Òṣìṣẹ́ báǹkì

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìyàtọ̀ tí ẹ fi sáàárín ẹni tó ń jẹ àti ẹni tó ń pín dára púpọ̀. Àmọ́ ìwé kan náà kọ́. Ẹni tí olóògbé fúnra rẹ̀ yàn nínú ìhágún, ìhágún ló fún un láṣẹ láti ọjọ́ tí olóògbé ti kú. Ohun tí kọ́ọ̀tù ń ṣe ni pé ó ń fìdí àṣẹ náà múlẹ̀. Ẹni tí kọ́ọ̀tù yàn nítorí pé kò sí ìhágún kò ní àṣẹ kankan títí di ọjọ́ tí kọ́ọ̀tù bu ọwọ́ lu ìwé. Èyí ló fi jẹ́ pé déètì wà lára ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá. Bí ìwé kọ́ọ̀tù bá jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kan, tí fọ́ọ̀mù ìtìpa àkáùńtì sì ti gba ìbuwọ́lù ní ọjọ́ 2 oṣù yẹn, ẹni tó buwọ́ lù ú kò tíì ní àṣẹ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ òmíràn.

Ẹ̀ka kẹta tún wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń ṣì mú. Olóògbé lè ṣe ìhágún, kí ẹni tó yàn ti kú ṣáájú rẹ̀ tàbí kó ní òun kò ṣe é. Kọ́ọ̀tù yóò yan ẹlòmíràn, yóò sì so ìhágún náà mọ́ ìwé àṣẹ. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ pé ìwé yìí wà fún ẹni tí kò ṣe ìhágún yóò rí ìhágún lẹ́yìn rẹ̀, yóò dá a padà. Àbúrò, gbólóhùn rẹ tó sọ pé "olóògbé tí kò ṣe ìhágún", fi "lọ́pọ̀ ìgbà" kún un.

Ìyá kan

Ẹ jọ̀ọ́, kí n bi yín. Nígbà tí ọkọ mi ṣí àkáùńtì rẹ̀, orúkọ mi ló kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ìbátan tó sún mọ́ ọn jù lọ. Èmi náà ni mo máa ń buwọ́ lùwé fún un nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, báǹkì sì mọ̀ mí dáadáa. Ó kú tán, wọ́n ní àwọn ò lè san nǹkan kan fún mi. Ṣé nítorí pé wọn ò tíì mọ orúkọ tí wọn yóò máa pè mí nìyẹn? Bí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣé mo lè fi hàn wọ́n?

Òṣìṣẹ́ báǹkì

Mà, ẹ kú ìrọ́jú o. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè ṣẹ̀dá níbí tó máa jẹ́ kí wọ́n sanwó. Orúkọ tí wọ́n kọ síbi ìbátan, kí báǹkì lè rí ẹni kàn sí ni. Kò sọ pé tiyín ni owó. Àṣẹ tí ẹ fi ń buwọ́ lùwé fún bàbá sì bá wọn lọ lọ́jọ́ tí wọ́n kú, nítorí pé láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni owó náà tọ́ sí jù, àmọ́ kọ́ọ̀tù ni ẹ máa lọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n fún yín ní iye tó wà nínú àkáùńtì lọ́jọ́ ikú, kọ́ọ̀tù yóò béèrè rẹ̀. Bí owó náà bá kéré, ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá wọ́n ní ìlànà tó rọrùn ju èyí lọ. Àwọn báǹkì kan ní i, iye tí wọ́n fi pààlà ló yàtọ̀ síra.

Ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní káńtà

Èmi ò bá yín jiyàn o, ṣùgbọ́n "lẹ́tà adimín" ni gbogbo wa ń pè é níbi iṣẹ́. Bí mo bá sọ pé "ìwé àṣẹ apíngún" fún oníbàárà, yóò ní kí n ṣàlàyé. Bí mo bá sọ pé lẹ́tà adimín, lọ́yà rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀.

Atúmọ̀ èdè tó béèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Mo fẹ́ lo "alákòóso dúkìá" fún ẹni tí kọ́ọ̀tù yàn, kí n pe ìwé náà ní "ìwé àṣẹ àkóso dúkìá olóògbé", kí n wá lo "ẹni tí owó tọ́ sí" fún àwọn yòókù. Lẹ́tà adimín yóò wà nínú ìlà kan lábẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará káńtà. Ṣùgbọ́n bí báǹkì kò bá sanwó fún àwọn tí owó tọ́ sí, kí ló dé tí fọ́ọ̀mù fi ń béèrè orúkọ wọn?

Òṣìṣẹ́ báǹkì

Ìdí méjì ni. Ó yẹ kí báǹkì mọ àwọn tó dúró lẹ́yìn owó tó ń san jáde, pàápàá nígbà tó bá ń ṣí àkáùńtì tuntun lórúkọ dúkìá. Ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà mìíràn àwọn alákòóso máa ń kọ̀wé pé kí báǹkì pín in fún àwọn ènìyàn náà tààrà. Gbogbo alákòóso ló gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe lẹ́tà kan nínú orúkọ ti ń di wàhálà.

Mo gbàgbé láti sọ bí ọ̀ràn àkọ́kọ́ yẹn ṣe parí. Kọ́ọ̀tù so àkọsílẹ̀ dúkìá mọ́ ìwé àṣẹ náà, wọ́n kọ 2,150,000 síwájú àkáùńtì yìí. Àwa rí 3,212,000 nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ní èlé ni. Mo ní kó tẹ ìwé àkáùńtì jáde láti ọjọ́ ikú. Lọ́jọ́ ikú gan-an, 3,150,000 ló wà níbẹ̀. Owó ilé tí ayálégbé san àti èlé ló fi 62,000 kún un lẹ́yìn náà, ìyẹn kò sì ṣòro láti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n àlàfo mílíọ̀nù kan ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ikú, èlé tó wọlé lẹ́yìn ikú kò lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnìkan ló fi 2 sí ipò 3. A dá ìwé padà kí kọ́ọ̀tù tún un ṣe, nítorí pé àkọsílẹ̀ yẹn ló ń sọ ohun tí àṣẹ wọn dé.

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìntì

Mo gba ti déètì. Mi ò tíì gba "alákòóso" o, ó jọ orúkọ ọ̀gá iléeṣẹ́ létí mi. Kí ló ṣe apíngún?

Òṣìṣẹ́ báǹkì

Bàbá, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju pípín lọ. Owó ìsìnkú, gbèsè àti owó orí ló ń ṣáájú. Bí gbèsè bá gbé gbogbo rẹ̀, kò ní sí ohun tó máa pín, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Owó tó wà nínú àkáùńtì kò tíì di ogún títí di ìgbà tí a bá san ìwọ̀nyẹn tán. Ẹni tí olóògbé jẹ ní gbèsè náà yóò gba tirẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe ajogún.

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìntì

Nígbà náà, "ẹni tí owó tọ́ sí" kò tọ̀nà. Owó tọ́ sí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè náà. Lórí ìlà kejì, "ajogún" ló yẹ kó padà sí.

Atúmọ̀ èdè tó béèrè

Ó dá mi dúró, sà. Mo fi ìlà kejì sílẹ̀ lófìfo ná. Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè fi ojú ìwé ìbuwọ́lù ránṣẹ́ sí yín kó tó lọ fún títẹ̀?